Ẹ fi àpẹẹrẹ tó pé bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa yọ ìlà láti ìsàlẹ̀: bí a ṣe ń kọ́ ọmọ girama kékeré ní ìdọ́gba

Ìbéèrè kan náà ni àwọn olùkọ́ àti àwọn òbí ní Òṣogbo níbí máa ń bi mí: "Mo ṣe àpẹẹrẹ méjì lórí pátákó, ọmọ náà ní òun ti gbọ́ ọ yé. Mo ní kó ṣe ìkẹta fúnra rẹ̀, ó kàn ń wò mí ni. Kí ni kí n ṣe?" Ọmọ náà kò purọ́. Ohun tí ẹ ṣe yé e lóòótọ́ nígbà tí ẹ ń ṣe é, ṣùgbọ́n kí ènìyàn wo ìṣirò tí ẹlòmíràn ń ṣe yàtọ̀ sí kí ó dá a ṣe láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìlà ìkẹyìn, àyè tó wà láàárín méjèèjì sì ti fẹ̀ jù fún ọmọ tí ìṣirò ń fún ní wàhálà. Àtẹ̀gùn ni ẹ máa ṣe sí àyè náà. Ẹ ó fún un ní ìṣirò tí a ti ṣe parí, lẹ́yìn náà ẹ ó fún un ní èyí tí ìlà kan ṣoṣo kù nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà èyí tí ìlà méjì kù, títí tí ìbéèrè nìkan yóò fi kù lórí ìwé.

Irú ìdọ́gba kan péré ni mo máa lò nínú ìtọ́sọ́nà yìí, ìyẹn èyí tó rí bí `3x + 4 = 22`, tí àwọn ọmọ ń pè ní ìkúéṣọ̀n. Ẹ má ṣe fi èyí tó ní àkámọ́, tàbí èyí tí x wà ní ọwọ́ òsì àti ọwọ́ ọ̀tún, kún un ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

## Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ wádìí ibi tí ìṣòro ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé kì í ṣe inú ìdọ́gba ni ó ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó fún ìbéèrè mẹ́rin yìí:

- `22 − 4` jẹ́ mélòó?
- `18 ÷ 3` jẹ́ mélòó?
- Tí x bá jẹ́ 6, mélòó ni `3x`?
- Nọ́ńbà wo ló yẹ kó wà nínú àpótí yìí: `8 + 4 = □ + 5`?

Bí ó bá ṣì nínú méjì àkọ́kọ́, ẹ fún un ní páálí tí ẹ kọ ìsọdipúpọ̀ láti 2 dé 12 sí, kí ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé rẹ̀ ní gbogbo àkókò tí ẹ fi ń kọ́ ọ ní ìdọ́gba. Àwọn olùkọ́ kan kì í fẹ́ èyí, wọ́n ní ó yẹ kí ọmọ ti há a sórí. Ó yẹ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ń fi ìka ka 18 sọ́nà mẹ́ta kò ní rántí ohun tó ń wá mọ́ tó bá fi máa kà á tán. Bí ó bá sọ pé `3x` jẹ́ 36, a jẹ́ pé ó rò pé ẹ kàn to 3 àti 6 sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni, ẹ sì gbọ́dọ̀ tún èyí ṣe lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìbéèrè kẹrin ni ẹ fojú sí jù lọ. Ìdáhùn rẹ̀ ni 7. Ọmọ tí ó bá kọ 12 sínú àpótí náà gbà pé iṣẹ́ àmì `=` ni láti sọ pé "ìdáhùn rèé," kò mọ̀ pé ohun tí àmì náà ń sọ ni pé ọwọ́ òsì àti ọwọ́ ọ̀tún dọ́gba. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè há ìlà ìdọ́gba sórí bí orin, ṣùgbọ́n kò ní mọ ìdí tí ohun tí a yọ níhìn-ín fi gbọ́dọ̀ kúrò lọ́hùn-ún.

## Ẹ fi ọmọ ayò hàn án kí ẹ tó mú bírò

Ọmọ ayò 48 ló wà nínú ọpọ́n kan, ìwọ̀nba tí a nílò kò sì kọjá 44. Ẹ fi ẹfun fa ìlà sí àárín tábìlì. Ní ọwọ́ òsì, ẹ gbé ọ̀rá dúdú kéékèèké 3 sílẹ̀, kí ẹ ti di ọmọ ayò 6 sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan láìjẹ́ kí ọmọ náà rí i, kí ẹ sì da ọmọ ayò 4 sílẹ̀ lásán lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ní ọwọ́ ọ̀tún, ẹ ka 22 sílẹ̀. Ẹ sọ fún un pé iye tó wà ní ọwọ́ méjèèjì dọ́gba, àti pé iye kan náà ló wà nínú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan.

Ẹ bi í pé báwo ni yóò ṣe mọ ohun tó wà nínú ọ̀rá kan láìtú u. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń na ọwọ́ sí ọmọ ayò 4 tó wà lásán, kí wọ́n kó o kúrò. Ẹ jẹ́ kí ó kó o, kí ẹ sì bi í pé: "Ṣé ọwọ́ méjèèjì ṣì dọ́gba?" Yóò wò ó, yóò sì fúnra rẹ̀ kó 4 kúrò nínú 22. Ó wá ku ọ̀rá 3 àti ọmọ ayò 18. Ẹ ní kí ó pín 18 náà sí iwájú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà kí ó tú ọ̀rá kan wò. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni kí ẹ ṣe èyí. Bí ẹ bá ń fi ọmọ ayò ṣe é lójoojúmọ́, kò ní kọ́ láti kọ ọ́ sílẹ̀.

## Ẹ ṣọ́ nọ́ńbà tí ẹ máa lò

Èmi gan-an ti ṣe àṣìṣe níbí. Àpẹẹrẹ tí mo kọ́kọ́ máa ń lò ni `3x + 5 = 20`, tí x rẹ̀ jẹ́ 5. Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan na ìka sí 5 tó wà nínú ìbéèrè, ó ní, "Àǹtí, ṣebí ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí la wá ń wá kiri?" Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí ó ti ń kọ nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì àròpọ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn, èmi sì rò pé ó ń fi orí ṣe é ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tẹ̀ lé òfin mẹ́ta yìí:

1. Ìdáhùn kò gbọ́dọ̀ jẹ́ nọ́ńbà tó ti wà nínú ìbéèrè.
2. Nọ́ńbà tó wà níwájú x àti èyí tí a rò pọ̀ mọ́ ọn kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Nínú `3x + 3 = 18`, ẹ kò ní mọ èyí tí ọmọ náà yọ nínú 3 méjèèjì.
3. Àṣìṣe kò gbọ́dọ̀ bí ìdáhùn tó tọ̀nà. Bí ìlà kan bá jẹ́ `2x = 4`, ọmọ tó pín 4 sọ́nà 2 yóò rí 2, èyí tó yọ 2 kúrò nínú 4 náà yóò rí 2. Ẹ ó fún àwọn méjèèjì ní máàkì, ọ̀kan nínú wọn kò sì mọ nǹkan kan.

Àwọn nọ́ńbà tó wà ní ìsàlẹ̀ yìí ti la òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá, ẹ lè dà wọ́n kọ bí wọ́n ṣe wà.

## Abala márùn-ún náà, ní ìtẹ̀léra

1. Abala kìíní: ìṣirò tí a ti ṣe parí. Ẹ kọ gbogbo ìlà, ẹ má fo ọ̀kankan, kódà èyí tí ẹ̀yin máa ń fi orí ṣe.

```
3x + 4 = 22
3x + 4 − 4 = 22 − 4
3x = 18
3x ÷ 3 = 18 ÷ 3
x = 6
```

Ẹ fi ìlà àyẹ̀wò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀: `3 × 6 + 4 = 22`. Ọmọ náà kò ní kọ nǹkan kan sórí abala yìí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ka ìlà kejì àti ìlà kẹrin sókè, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn ìbéèrè méjì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: kí ni a ṣe, àti nítorí kí ni a ṣe ṣe é? Ẹ má ṣe gba "a gbé e kọjá, ó sì yí padà" gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn. Ohun tí a ń fẹ́ gbọ́ ni "a yọ 4 kúrò ní ọwọ́ méjèèjì kí ó lè ku ọ̀rá nìkan," tàbí ọ̀rọ̀ míràn tó jọ ọ́.

2. Abala kejì: ìlà ìkẹyìn ló kù.

```
4x + 7 = 39
4x + 7 − 7 = 39 − 7
4x = 32
4x ÷ 4 = 32 ÷ 4
x = ____
```

3. Abala kẹta: ìlà méjì ló kù.

```
5x + 3 = 38
5x + 3 − 3 = 38 − 3
5x = 35
____________
x = ____
```

4. Abala kẹrin: ìlà mẹ́ta ló kù.

```
2x + 9 = 31
2x + 9 − 9 = 31 − 9
____________
____________
x = ____
```

5. Abala karùn-ún: ìbéèrè nìkan. Ẹ kọ `6x + 5 = 59`, kí ẹ fi àyè ìlà mẹ́rin sílẹ̀ láìfa ìlà kankan síbẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni 9.

Láti abala kejì lọ, ọmọ náà ni yóò máa kọ ìlà àyẹ̀wò fúnra rẹ̀. Èyí nìkan ni ẹ kò gbọdọ̀ bá a kọ rárá.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí a kò fi yọ ìlà òkè kọ́kọ́. Ìdí ni pé ìlà kejì ló le jù: ibẹ̀ ni ọmọ náà ti ní láti fúnra rẹ̀ pinnu ohun tí yóò ṣe. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, yóò ti rí ìlà náà nígbà mẹ́rin kí ó tó dé abala tí òun gan-an máa kọ ọ́. Ó tún ń rí ìparí iṣẹ́ nínú gbogbo abala, ó ń kọ `x =` fúnra rẹ̀, ìyẹn kì í sì í jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ rọ.

## Ìgbà tí ẹ lè yọ ìlà, àti ìgbà tí ẹ ó dá a padà

Kì í ṣe pé abala márùn-ún jẹ́ ìbéèrè márùn-ún. Ẹ ṣe ìbéèrè méjì tàbí mẹ́ta tó rí bákan náà fún abala kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú nọ́ńbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Òfin tí mo ń lò kò le: bí ọmọ bá ṣe méjì tẹ̀lé ara wọn láìṣì, tí ó sì lè sọ ìdí tí ó fi kọ ìlà tó kọ, ẹ fún un ní abala tó tẹ̀ lé e. Bí ó bá ṣì lẹ́ẹ̀kan, ẹ jẹ́ kí àyẹ̀wò fi hàn án. Bí ó bá ṣì lẹ́ẹ̀kejì ní ojú kan náà, ẹ padà sí abala tó ṣáájú, ẹ má padà sí ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí èyí ṣe lọ pẹ̀lú ọmọkùnrin kan tó wà ní ọdún kejì girama kékeré, tí ó máa ń wá sọ́dọ̀ mi ní ọ̀sán lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́. Ohun tí mo bá nínú ìwé àjákọ rẹ̀ rèé: `3x + 4 = 22 = 18 = 6`. Ìdáhùn rẹ̀ tọ̀nà, wọ́n sì ti fún un ní máàkì lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó kọ sílẹ̀ ń sọ pé 22 àti 6 dọ́gba. Mo bi í ní ìbéèrè àpótí, ó kọ 12. Ọjọ́ kan gbáko ni a fi ṣe ọmọ ayò àti abala kìíní. Lọ́jọ́ kejì, abala kejì kò gbà á ní àkókò rárá. Ní abala kẹta ni ó ti kọsẹ̀. Ó wo `5x = 35`, ó kọ `35 − 5`, ó sì kọ `x = 30`.

N kò sọ fún un pé ó ṣì. Mo ní, "Ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ kí n rí i." Ó kọ `5 × 30 + 3`, ó ń ṣe é lọ, ó dé 153, ó sì dá bírò dúró. Ó wo 38 tó wà lókè, ó wo 153. Ó ní, "Ó ti pọ̀ jù." Mo bi í pé kí ni `5x` túmọ̀ sí, ó ní ọ̀rá márùn-ún. Mo ní, "Ṣé 5 tí o yọ yẹn jẹ́ ọ̀rá ni àbí ọmọ ayò?" Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀, ó wá fi ọwọ́ bo ohun tó kọ, ó ní kí n fún òun ní abala mìíràn. Mo fún un ní abala kejì kan sí i, lẹ́yìn náà ni mo fún un ní ẹ̀kẹta méjì, ó sì ṣe wọ́n. Ó di ọjọ́ kẹrin kí ó tó dé abala karùn-ún.

## Àṣìṣe tí ẹ máa rí, àti ohun tó túmọ̀ sí

Ó kọ `7x = 22`. Ó ti ro 3x àti 4 pọ̀. Kò ì tí ì mọ̀ pé ọ̀rá yàtọ̀ sí ọmọ ayò tó wà lásán. Ẹ padà sí orí tábìlì, ẹ bi í pé ṣé ọ̀rá méje ló wà níbẹ̀.

Ó kọ `3x = 26`. Ó ro 4 pọ̀ mọ́ ọwọ́ ọ̀tún dípò kí ó yọ ọ́. Èyí sábà máa ń jáde lára ọmọ tí wọ́n ti sọ fún pé kí ó "gbé e kọjá kí ó yí àmì rẹ̀ padà": ó rántí gbígbé, ó gbàgbé yíyí. Ìdí nìyí tí n kì í fi í kọ́ ọmọ tuntun ní gbólóhùn náà. Ìlà kejì tí a kọ gbọọrọ yẹn, tí `− 4` hàn ní ọwọ́ méjèèjì, ni oògùn rẹ̀.

Ó yọ nígbà tó yẹ kó pín. Ẹ ti rí èyí lókè. Ẹ jẹ́ kí àyẹ̀wò bá a wí, kí ẹnu yín má ṣe yára jù ú lọ.

Ó kún àlàfo náà dáadáa, ṣùgbọ́n kò lè sọ ìdí. Àṣìṣe yìí kì í hàn lórí ìwé, òun ni mo sì ń bẹ̀rù jù. Ọmọ náà ń wo abala tó ṣáájú, ó ń fi nọ́ńbà tuntun rọ́pò ti àtijọ́. Láti mọ̀ ọ́n, ẹ kọ ìbéèrè kan ní òdìkejì, irú bí `59 = 6x + 5`. Ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe kò ní bìkítà, ẹni tó ń ṣe àdàkọ yóò ní ẹ kò kọ́ òun ní irú èyí. Ẹ gba gbogbo abala àtijọ́ kúrò níwájú rẹ̀ kí ẹ tó fún un ní tuntun.

## Bí ipò yín bá yàtọ̀

Bí kíláàsì yín bá ní ọmọ púpọ̀, tí kò sì sí owó ìwé títẹ̀, ẹ kọ ìṣirò tó pé sórí pátákó, kí ẹ fi páálí bo ìlà ìkẹyìn, kí gbogbo wọn kọ ọ́ sínú ìwé àjákọ wọn kí ẹ tó ṣí i. Ìṣirò tó tẹ̀ lé e, ẹ bo ìlà méjì. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé gbogbo wọn yóò jọ máa rìn ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ kan náà, nítorí náà ẹ rìn káàkiri kí ẹ wo ìwé àwọn tó jókòó sẹ́yìn kí ẹ tó ṣí páálí.

Ọmọ tó bá ti mọ ọ́n kò gbọ́dọ̀ jókòó ti abala kejì. Ìṣirò tí a ti ṣe fún un yóò máa dí i lọ́wọ́ ni, yóò máa ka ohun tí kò nílò. Ẹ fún un ní abala karùn-ún lọ́jọ́ kìíní. Bí ó bá gba mẹ́ta, kí ó máa lọ.

Ẹ má tíì mú ìbéèrè onítàn wọlé. Bí àpẹẹrẹ, ẹnìkan ra àdìrẹ 3 tí owó wọn dọ́gba, ó fi ₦400 wọ kẹ̀kẹ́ láti Ọláìyá dé Òkè-Fíà, gbogbo owó tó ná sì jẹ́ ₦19,000. Èló ni àdìrẹ kan? Ìdọ́gba rẹ̀ ni `3x + 400 = 19000`, ìdáhùn rẹ̀ sì ni ₦6,200. Iṣẹ́ méjì ló wà nínú rẹ̀: kí ó sọ ìtàn di ìdọ́gba, àti kí ó wá x. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ lórí èkejì kí ẹ tó fi èkíní lé e lórí.

## Nígbà tí ó bá parí abala karùn-ún

Ẹ dúró fún ọjọ́ méjì, kí ẹ tó fún un ní `7x + 6 = 34` láìsí abala kankan, láìsí ọ̀rọ̀ kankan. Bí ó bá rí 4, tí ó sì ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ rán an létí, ẹ lọ sórí `5x − 3 = 32`. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa tún fún un ní ìṣirò tó pé, nítorí pé ríro 3 pọ̀ mọ́ ọwọ́ méjèèjì jẹ́ ohun tuntun sí i, àwọn ìlà tó kù ni ó ti mọ̀. Abala mẹ́ta sábà máa ń tó fún irú èyí: ọ̀kan tó pé, ọ̀kan tí ìlà kejì nìkan kù nínú rẹ̀, àti ìbéèrè nìkan.